Ìbéèrè Kẹrin Tó Gba Òru Mọ́ Rùkáyàt Lọ́wọ́

Ẹni tó bá ní òun mọ olórí kunkun kò tíì rí Rùkáyàt lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ìdánwò ìṣirò máa bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì jókòó sórí ẹní nínú yàrá tó ń gbé ní Tanke nítòsí yunifásítì wọn, ó dojú kọ ìbéèrè kan ṣoṣo bí ẹni tó fẹ́ bá a wọ̀yá ìjà. Ìbéèrè méje ló wà nínú ìwé tó gbé sórí ẹsẹ̀. Ẹ bá mi bi í pé kí ló fi mẹ́fà tó kù ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti féèlì kọ́ọ̀sì yìí. Òfin ẹ̀ka wọn ni pé ẹni tó bá féèlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé. Kò sì sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Rùkáyàt bí lílọ sílé ṣe ń rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Múdàṣírù, lọ sílé bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kọ́ọ̀sì yìí kan náà ló lé e. Kẹ̀kẹ́ akérò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń wà báyìí, ọjà Ipata sí Tanke, Tanke sí Ipata. Ìyá wọn ṣì máa ń sọ ọ́ lójú àlejò pé, "Múdà ò lórí ìwé ní tiẹ̀," Múdàṣírù á sì máa jẹun ẹ̀ lọ.

Múdàṣírù yìí náà ló fún un ní ìwé tó ń wò. Past question ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ tí wọ́n ti ṣe fótókópì ẹ̀, tí wọ́n tún ṣe fótókópì fótókópì náà, tí ẹni tó ń jáde á fi lé ẹni tó ń wọlé lọ́wọ́. "Ìbéèrè kẹrin ni kó o kọ́kọ́ ṣe," ni ẹ̀gbọ́n sọ fún àbúrò. "Òun ló pa mí. Gbogbo òru ọjọ́ yẹn ni mo fi bá a jà, kò dá mi lóhùn. Ìgbà tílẹ̀ mọ́, n ò tíì ka nǹkan kan mìíràn, oorun ló sì ń kùn mí nínú gbọ̀ngàn. Tó o bá ti lè ṣe ìyẹn, kò sí èyí tó máa dí ẹ lọ́wọ́." Irú ìmọ̀ràn wo nìyẹn? Àmọ́ Rùkáyàt gbà á bí ẹni gba àdúà.

Íńtígírà, ìyẹn integral, ni ìbéèrè kẹrin ọ̀hún, ó sì kéré lójú: ∫ e^(x²) dx. Ẹ wò ó, ṣé ó jọ ohun tó lè da ilé rú?

Ó kọ́kọ́ gbé substitution sí i, ìyẹn ni kéèyàn fi lẹ́tà tuntun rọ́pò ibi tó díjú. Ó ní kí u dúró fún x². Bí u bá jẹ́ x², du á jẹ́ 2x dx. Ó wá wo inú ìbéèrè kó rí x tó máa bá dx rìn. Kò sí x níbẹ̀. Ó ní kò burú, òun á fi √u dípò x, ni íńtígírà bá di e^u tí a fi 2√u pín, èyí tó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó pa á rẹ́.

Ó bọ́ sórí by parts, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín íńtígírà sí apá méjì, tí wọ́n á ṣe apá kan kí èkejì lè fúyẹ́. Ó mú e^(x²) lọ́tọ̀, ó mú dx lọ́tọ̀. Ohun tó rí ni x e^(x²), kí á yọ íńtígírà 2x² e^(x²) kúrò nínú ẹ̀. Apá kejì ò fúyẹ́, ńṣe ló sanra sí i. Ó ní òun ò ní gbà. Ó tún ṣe by parts fún èyí tó kù, ó mú x sọ́wọ́ kan, ó mú 2x e^(x²) sọ́wọ́ kejì. Inú ẹ̀ dùn nígbà tó rí i pé nǹkan ń lọ geere. Ó kó gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, x e^(x²) pa x e^(x²), ohun tó sì kù sórí ìwé ni pé íńtígírà náà dọ́gba pẹ̀lú íńtígírà náà.

"Mo mọ̀!" ni Rùkáyàt pariwo. "Mo mọ̀ pé ó dọ́gba pẹ̀lú ara ẹ̀! Ta ló bi ọ́?"

Barakah tí wọ́n jọ ń gbé yàrá gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Èdè Lárúbáwá lòun ń kọ́, ó sì ti parí ìdánwò tiẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. "Rùká, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Íńtígírà ni."

"Ìbéèrè mélòó lo ti ṣe?"

Rùkáyàt ṣí ojú ìwé mìíràn, ó tún kọ ìbéèrè kẹrin sórí ẹ̀.

"Aago méjìlá ti kọjá o. Fi í sílẹ̀, mú òmíràn."

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, òun ni wọ́n máa gbé jáde lọ́la, wàá rí i."

"Àgídí ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì yín, àbí ó wà níbẹ̀?" Barakah fa aṣọ borí, ó padà sídìí oorun ẹ̀.

Rùkáyàt ò gbọ́. Ó dán partial fractions wò, èyí tí wọ́n fi ń fọ́ ìdá sí wẹ́wẹ́, àmọ́ ìdá wo ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ fọ́? Ó ní kí x jẹ́ tan θ, ó wá di e^(tan²θ) tí sec²θ dì mọ́ ọn nídìí, ó wò ó, ara ẹ̀ bù máṣọ. Ó tú e^(x²) sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ṣe íńtígírà ìkọ̀ọ̀kan: x, kí á fi x³/3 kún un, kí á fi x⁵/10 kún un, kí á fi x⁷/42 kún un. Ìyẹn tọ̀nà, kò sírọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò lópin, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn tó parí. Ó ju bírò mọ́ ògiri. Ìgbà yẹn náà ni iná lọ, bíi pé ẹnì kan ń ṣọ́ ọ.

Omi bọ́ lójú ẹ̀ nínú òkùnkùn. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́ o, ẹkún ìbínú ni. Ó ń rí ara ẹ̀ tó ń gbé àpótí padà sílé, ó ń gbọ́ ìyá wọn tó ń sọ fún àlejò pé àwọn méjèèjì ò lórí ìwé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó wá bírò ẹ̀ kàn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ó dáa, òun á gba ẹ̀yìn wọlé. Òun á méfò ìdáhùn, òun á ṣe differentiation ẹ̀, ìyẹn ìdàkejì íńtígírà, òun á wò ó bóyá ìbéèrè ló máa jáde.

Ó méfò ìdajì e^(x²). Ó ṣe é, x e^(x²) ló jáde. Ó kù díẹ̀! x kan ṣoṣo ló lé. Ó wá fi x pín ìméfò ẹ̀ kó lè pa x yẹn, ó tún un ṣe, e^(x²) jáde lóòótọ́, àmọ́ ó fa ìrù kan dání: wọ́n ní kó yọ e^(x²) tí a fi 2x² pín kúrò. Ìrù yẹn ò ṣeé gé. Rùkáyàt mí kanlẹ̀. Ká ní x kan wà nínú ìbéèrè yìí ni, ìlà méjì ni ì bá fi parí ẹ̀.

Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ìwé, bóyá kó tún bú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí kò rí láti alẹ́. Lápá ọ̀tún ìwé, gbogbo ìlà ló gé lójijì. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìbéèrè kejì ò pé. Máàkì ìbéèrè kankan ò hàn. Ẹ̀rọ fótókópì ti jẹ etí ìwé náà tipẹ́. Lẹ́yìn e^(x²) kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́, bírò ni wọ́n fi kọ dx tó wà níbẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé íńtígírà kì í wà láìní dx nídìí, nítorí náà ẹni tó ni ìwé rí i pé ó já, ó sì bá wọn kọ ọ́ sí i. Rùkáyàt mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, òun ló máa ń bá a kọ orúkọ sára gbogbo ìwé ẹ̀ ní puráímárì.

Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Hidayat, ọmọ kíláàsì wọn tó máa ń gba past question tiẹ̀ lọ́fíìsì ẹ̀ka fúnra ẹ̀, ó ní kó ya ìbéèrè kẹrin ránṣẹ́. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni fọ́tò wọlé. Ìbéèrè kẹrin, ó mọ́, ó pé: ∫ e^(x²) x dx. Máàkì méjì.

Hidayat tún kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ọ̀gá sọ ọ́ ní kíláàsì pé tí x yẹn ò bá sí níbẹ̀, kò sí ìdáhùn tá a lè fi àwọn fọ́ńṣọ̀n tá a mọ̀ kọ. Wọ́n ti fi hàn tipẹ́ pé kò ṣeé ṣe. O ò wá lọ́jọ́ yẹn ni?"

Kò wá lóòótọ́. Ó dojú ìwé délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kìíní pẹ̀lú ojú tó ń ta á. Títí tó fi dìde láti múra, mẹ́ta péré ló tíì ṣe.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni Múdàṣírù fọn fèrè kẹ̀kẹ́ lẹ́nu géètì. Rùkáyàt ti búra nínú ara ẹ̀ pé òun ò ní sọ ọ̀rọ̀ bírò yẹn.

"Ṣé o ṣe é?" Rùkáyàt ò tíì jókòó tán tí Múdàṣírù fi bi í.

"Bọ̀dá, ìwé yẹn ló gé. x kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe rí i yẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Wálláhi, títí kan ọ̀gá tó ń kọ́ wa."

Múdàṣírù pa kẹ̀kẹ́ sẹ́bàá títì. "Tí x yẹn bá wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdajì e^(x²), ká fi C kún un. Ìlà méjì ni."

"Máàkì mélòó?"

"Méjì."

"Mú ìwé náà wá."

"Mo gbàgbé ẹ̀ sílé."

"Rùká, ọwọ́ ẹ ló wà."

Ó gbà á. Ó wò ó pẹ́, ó fi àtàǹpàkò bo dx yẹn, ó gbé e kúrò, ó tún fi bò ó. "Èmi ni mo kọ èyí," ló sọ.

"Kò sí ẹni tí kò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbà pé òpè ni mí." "Mo gbà á gbọ́ o. Mo gbà á fún Ìyá pàápàá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wá yíjú padà lójijì. "Àwọn mẹ́fà yòókù ńkọ́?"

"Mẹ́ta ni mo ráyè ṣe."

"Mẹ́ta! Torí pé mo ní kó o bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀!" Ó tẹ iná mọ́ kẹ̀kẹ́ títí wọ́n fi dé iwájú gbọ̀ngàn ìdánwò. Rùkáyàt bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré lọ, ló bá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ́yìn, tí gbogbo ènìyàn yíjú wò ó.

"Rùká! Èyí tó bá ti le, fò ó! Ṣé o gbọ́ mi? Má dúró tì í, fò ó, fò ó!"

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹ̀, wọ́n ní Ipata làwọn ń lọ. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ sílẹ̀, òun ò tíì fẹ́ lọ síbì kankan.