Ọfà Tí Nọ́ọ̀sì Kò Tẹ̀

Ahun pọ́ńbélé ni Nọ́ọ̀sì tó bá di ọ̀rọ̀ dátà, ẹ má sì bá a wí. Ní ilé ìwòsàn orí òkè níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ bí àlejò tí ò fẹ́ jókòó. Áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan tó fúyẹ́ ló ń lò, èyí tí ọ̀rọ̀ kíkọ máa ń gbà kọjá bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ ń kú lọ. Ó ti ṣètò rẹ̀ pé kó má ṣe gba àwòrán tàbí ohùn wọlé fúnra rẹ̀. Ohùn tó bá fẹ́ gbọ́, á tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè wọlé sórí fóònù.

Òun àti àbúrò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù jà lórí ọ̀rọ̀ ilé ìyá wọn. Ní ọjọ́ kẹta ìjà, àbúrò fi ohùn kan ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì rí ọfà náà, kò tẹ̀ ẹ́. Inú ló ń bí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bíréèkì ọkọ̀ àbúrò já létí afárá, àbúrò sì kú.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì ló fi ń wo ọfà yẹn. Níkẹyìn, ó tẹ̀ ẹ́. Áàpù dá a lóhùn: "Ohùn yìí ò sí mọ́. Ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì tún un kà. Ta ló ń bẹ òkú níṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì gba fóònù olóògbé lọ́wọ́ opó rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe. Ìyẹn pààrọ̀ ojú fóònù tó fọ́, ó tàn án.

"Àwọn tó ni áàpù kì í tọ́jú ohùn ju oṣù kan lọ lọ́dọ̀ wọn, mà," ni atúnfóònùṣe wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tiẹ̀ nìyí nínú fóònù rẹ̀. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́?"

"Rárá o! Bó bá jẹ́ pé ó ṣépè fún mi ńkọ́? Fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lọ dá gbọ́ ọ níta."

Ó jókòó sórí pèpéle níwájú ṣọ́ọ̀bù. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Orúkọ tó fi pè é níbẹ̀, "Àbúrò Mi", yọ lójú fóònù, omi sì lé sí i lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, kíá ló tẹ ọfà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ nígbà tí ohùn náà wọlé dé ìdajì. Nígbà tó padà, ibi tó dúró sí ló ti ń bá a lọ, títí tó fi pé.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mò ń bọ̀ wá bẹ̀ yín. Tẹ́ ò bá fẹ́ rí mi, ẹ kàn kọ 'má wá', màá ṣẹ́rí padà kí n tó dé afárá. Tẹ́ ò bá fèsì, màá mọ̀ pé ẹ ti gbà, màá máa bọ̀."

Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè sunkún: òní ni ohùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wọlé, bí òun ò bá sì fèsì, òkú á máa bọ̀. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́: "Má wá."

Àmì kan yọ, pé ó ti lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àmì kejì yọ, pé ó ti dé. Nínú ṣọ́ọ̀bù, fóònù àbúrò rẹ̀ dún lórí tábìlì.