Ọ̀rọ̀ Márùndínlógójì fún Bàbá Adéjàre

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ mú un, torí bí mo bá fi í sẹ́yìn, ẹnu mi á wá ọgbọ́n dá, ẹ ó sì rò pé èèyàn gidi ni mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìbí ọkọ mi lọ́dún 1993, mo jókòó sórí àpótí nílé wa ní Inísà, mo ń ya ẹja gbígbẹ sọ́tọ̀, èyí tó pé sí apá kan, èyí tó fọ́ sí apá kejì. Rédíò wà lórí fèrèsé. Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pe orúkọ ọkọ mi, Matthew Jọláyẹmí, mo gbé orí sókè, mò ń retí ẹ̀rín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ló ń bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kà á.

"Ọkọ rere, bàbá rere, òpó ilé tí kò yẹ̀, ẹ kú ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún. Ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé nínú ọlá àti àlàáfíà." Ó tilẹ̀ ṣáájú rédíò dé àlàáfíà.

Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá Adéjàre, èyí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo máa pé ọgọ́ta ọdún."

Òótọ́ ni. Lọ́dún 1991 tó pé ọgọ́ta, mo ronú kí n tó kọ ìkíni náà. Lọ́dún kejì, mo dé ọ̀dọ̀ Ọmọ́ṣẹ̀yìndé tó ń gba ìkéde rédíò sílẹ̀ ní Ìkìrun, agbọ̀n ẹja wà lórí mi, ó ti rẹ̀ mí, mo ní, "Ti èṣí gẹ́lẹ́ ni kí o kọ." Gẹ́lẹ́ náà ló kọ, tọjọ́ orí tọjọ́ orí. Lọ́dún kẹta, mi ò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Mo na orí mi síta lójú fèrèsé bí ewúrẹ́, mo ní, "Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ti èṣí." Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan, Ọláwuyì, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òkukù, ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì pé ṣé ó kọ̀ láti dàgbà ni.

Nígbà tó sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yẹn, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò bá mi rín in. Ó pa rédíò.

"Òkú ni wọ́n máa ń ka ọ̀rọ̀ kan náà fún lọ́dọọdún," ló wí. "O ti gbọ́ ìkéde ìrántí rí. Ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ yẹn kì í yí, torí kò sí ohun tó tún ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti kú. Bó bá di àmọ́dún, bó bá jẹ́ èyí lo tún fẹ́ fi ránṣẹ́, jọ̀ọ́, má ránṣẹ́."

Kò jà. Ìbá tilẹ̀ jà, ìbá sàn fún mi. Láti ìgbà tí iṣẹ́ rélùwéè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dín lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ó di "káàárọ̀", ó di "oúnjẹ dà". Èmi náà kò lágbára àtitọ́ ọ níjà. Eékún mi ọ̀tún daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Kérésì. Mo ń ti Inísà lọ ra ẹja ní Ìkìrun, mo ń gbé e lọ tà ní Òkukù, mo ń padà wálé bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán. Bí mo bá ti fi ìdí kan bẹ́ẹ̀dì, ẹ lè gbé mi lọ tà, mi ò ní mọ̀.

Bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dún 1994 ṣe ku ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn. Ọjọ́ Tuesday ló bọ́ sí. Ọjọ́ Friday ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé máa ń kó fọ́ọ̀mù ìkéde lọ sílé iṣẹ́ rédíò ní Òṣogbo, ẹni tí kò bá ti kọ tirẹ̀ títí di Thursday ti pẹ́ nìyẹn. Wednesday ni mo jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé, n kò rí nǹkan kọ. Bí mo bá ti kọ "ọkọ rere", màá rántí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, màá fa ìlà sí i. Mo bi ara mi léèrè ohun tí ọkùnrin yìí ṣe láti ọdún kan. Ó jókòó. Ó jẹun. Ó lọ sí Òkukù lọ kí Ọláwuyì, ó padà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní àbí òótọ́ ló sọ, àbí kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ sí i mọ́.

Mo dìde, mo mú ẹja méjì, mo lọ bá Mojísọ́lá, ìyàwó tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé wa. Àtìgbà tí eékún ti mú mi ni mo ti ń fún un lẹ́ja lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí àgbàlá wa kì í dọ̀tí. Kí n tó jí lówùúrọ̀, wọ́n á ti gbá a, omi á ti kún ìkòkò. Ọmọ tó bá mọ ìyá, ó yẹ kí ìyá mọ̀ ọ́n.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí, ó gba ẹja. "Ẹ fajú ro lónìí, mà."

"Bàbá Adéjàre ni. Mo fẹ́ kọ ohun tuntun tó ṣe lọ́dún yìí, mi ò rí kankan."

Ó wò mí, ó wo ẹja. "Bàbá tó ń gbá àgbàlá ńkọ́, mà?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa náà, mà. Àwọn ló ń gbá a. Àwọn náà ló ń pọnmi. Wọ́n máa ń ṣe é kí aládùúgbò tó jí. Mo ní kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n lọ sùn."

"Ìwọ wá ń jẹ ẹja mi láti oṣù kìíní."

"Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ràn mi ni, mà."

Ẹ̀rín pa mí dé ilẹ̀. Ẹja tí mo fi tọrẹ lọ́dún yẹn ìbá kún agbọ̀n kan, ẹni tó ni iṣẹ́ ń jẹ ọbẹ̀ irú lásán lọ́dọ̀ mi, èmi sì ń sọ fún gbogbo ilé pé Mojísọ́lá lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo rín in tán, mi ò lè dìde mọ́. Kì í ṣe eékún nìkan.

Ní Thursday, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́ṣẹ̀yìndé kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó na ọwọ́ sínú fáìlì, ó fa ẹ̀dà kábọ̀n ti èṣí yọ.

"Mama, ti èṣí ni?"

"Gbé e kalẹ̀ ká wò ó. Kà á fún mi, ṣùgbọ́n má pe orúkọ."

Ó kà á. Mo ní kó mú fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn, kó ka ìyẹn náà láìpe orúkọ. Ó ka mẹ́ta. Òpó ilé ni ọkọ gbogbo wa, kò sí èyí tó yẹ̀.

"O rí i," mo wí. "Ọkọ ta ni ìwọ̀nyí? Bí wọ́n bá gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi, mi ò mọ tèmi. Ohun tí a kò bá lè sọ fún ọkọ ẹlòmíràn ni kí a wá."

Ó mú fọ́ọ̀mù tuntun. Ọ̀rọ̀ márùndínlógójì ni wọ́n gbà, orúkọ wà nínú rẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́: "Matthew Jọláyẹmí, ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ kú àgbàlá gbígbá, ẹ kú omi pípọn."

Bírò rẹ̀ dúró. "Mama, Bàbá ló ń gbálẹ̀?"

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn ń ro Òkukù ni. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ rédíò. Bí Bàbá bá dé àárín ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gbé ìgbálẹ̀ lé Bàbá lọ́wọ́."

Mo ronú kan Ọláwuyì àti ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin tó ń jí ní òkùnkùn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, kí n wá gbé e sórí afẹ́fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbá mú, òun ni mi ò gbọ́dọ̀ sọ. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, òpó ilé ló kù.

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa ìlà sí àgbàlá, mo fa ìlà sí omi. Mo wá ohun tó kù lẹ́yìn wọn: ó ń jí. Ó ń jí ṣáájú mi. Ìyẹn kò ní ìtìjú nínú, òun nìkan ni yóò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo wá wo àdúrà. "Ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé" ti lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ní kí àdúrà náà ti inú jíjí yẹn jáde. Mo kọ, mo pa á rẹ́, mo kà á sókè bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, àwọn tó ń dúró de mọ́tò ń wò mí. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ń fi ìka ka ọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ orí ńkọ́, Mama?"

"Ó mọ iye tó jẹ́. A ti bà á jẹ́ tó."

Ní Tuesday, aago méje kò tíì lù. Ọkọ mi jókòó, kò wo rédíò, kò sì pa á. Èmi ń ya ẹja, mo ń da èyí tó fọ́ mọ́ èyí tó pé. Wọ́n ka ti ẹnì kan ní Èkó-Èndé. Wọ́n ka ti tíṣà kan ní Ìkìrun. Lẹ́yìn náà:

"Matthew Jọláyẹmí, ẹ kú ọjọ́ ìbí. Láti ìgbà tí eékún mi ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni ẹnì kan ti ń jí ṣáájú mi. Mo ti mọ ẹni náà. Kí Ọlọ́run máa jí yín fún mi. Àrínọlá."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti kọjá sí ẹlòmíràn kí ọkọ mi tó mira. Ó na ọwọ́, ó yí ohùn rédíò wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó ń ka oṣù.

"Àrínọlá," ló wí. Ó ti pẹ́ tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"