Àléébù Bàbá Àyìnkẹ́

Ta ni ì bá sọ fún Ayọ̀mídé, máníjà iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan, pé lẹ́tà kékeré lè mú òun làágùn lábẹ́ fáànù? Bàbá Àyìnkẹ́, awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì wọn káàkiri láti Òmù-Àrán, fẹ́ lọ máa wa bọ́ọ̀sì ọmọléèwé ní Èsìé. Iléèwé náà kò jìnnà sí ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń dun ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ máa wà nítòsí. Wọ́n ní kí máníjà rẹ̀ kọ̀wé jẹ́rìí sí i, kó sọ ìwà rere rẹ̀ àti àléébù rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ bàbá Ayọ̀mídé ni, wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ gidi wo ló fẹ́ gbé àgbà lé ìwọ̀n bí ìyẹ̀fun? Níbi tó ti yẹ kó sọ àléébù rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Bàbá mi ni wọ́n. Èmi kò tó ẹni tí í rí àléébù wọn." Ó bu ọwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Áà, máníjà!

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Àyìnkẹ́ jókòó níwájú rẹ̀, ó ń retí èsì, ni fóònù bá dún. Ìyáàfin Helen ni, ẹni tó dá iléèwé náà sílẹ̀.

"Máníjà, oríkì lẹ kọ ránṣẹ́ sí mi, mi ò rí ẹ̀rí níbẹ̀. Ẹni tí kò ní àléébù, kí ló dé tí ẹ fi yọ̀ǹda rẹ̀? Ẹ sọ òótọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni n ó gbà. Aago mẹ́rin ni mò ń ti ọ́fíìsì."

Ayọ̀mídé wo Bàbá. Bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Sọ ọ́, ọmọ mi."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, fóònù létí. "Bàbá, ẹ foríjì mí." Ẹnu rẹ̀ wá tú.

"Mà, wọn kì í sáré! Wọn kì í sáré rárá! Búrẹ́dì á gbóná kúrò níbí, á tutù kó tó dé Àrán-Ọ̀rin, àwọn oníbàárà á máa bú mi! Bí ewúrẹ́ bá fẹ́ sọdá, wọ́n á dúró. Bí ewúrẹ́ ò bá tíì pinnu, wọ́n á ṣì dúró! Ìyá àgbà kan tó ru iṣu ti oko bọ̀ kọjá wa, ó tún juwọ́ sí wa! Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, àwọn ló gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a tó dé, akọrin ti kọ gbogbo orin tí wọ́n mọ̀ tán, ọkọ mi ti rò pé mo sá lọ ni!"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú rẹ̀. Bàbá Àyìnkẹ́ la ẹnu sílẹ̀.

Ẹ̀rù ba Ayọ̀mídé, ó gbà pé òun ti fi ẹnu òun ba iṣẹ́ àgbà jẹ́.

"Wọ́n ti kọlu ẹnikẹ́ni rí?" Ìyáàfin Helen béèrè.

"Wọn ò kọlu adìẹ rí, Mà."

"Eré àsápajúdé ni awakọ̀ wa àná ń sá, díẹ̀ ló kù kí àwọn òbí kó ọmọ wọn kúrò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ sọ yẹn, kí Bàbá mú un wá kí n tó tilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ti di tiwọn."

Yéè! Ayọ̀mídé fò sókè, ó kọ lẹ́tà tuntun, ó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ayọ̀. Omi lé ròrò lójú Bàbá Àyìnkẹ́.

"Ọmọ mi, ó dùn ọ́ tó báyìí, o ò sì sọ?"

"Bàbá mi lẹ jẹ́, sà."

Bàbá ki lẹ́tà bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó rọra ń lọ. Ayọ̀mídé wo aago. Mẹ́ta ti kọjá! Ó ké, ó sáré tẹ̀lé e dé géètì.

"Bàbá, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀! Ẹ gun ọ̀kadà!"