Àkísà Pupa Lẹ́nu Ààlà

Bí wọ́n bá ń dín ata ní ilé tí mo ń gbé ní Kàdúná níbí, tí òórùn tòmátò bá kọ́kọ́ jáde láti inú epo, Tẹ̀dé, ìlú wa, ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Mo ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gun alùpùpù lọ sóko níbẹ̀ lónìí, n kò mọ bàbá wọn. Síbẹ̀ mo lè dijú kí n mọ ibi tí ọ̀nà oko wa ti yà ní abẹ́ igi òrí, mo sì mọ ibi tí ilẹ̀ ti máa ń pupa sí i kí èèyàn tó dé ẹnu ààlà.

Ẹnu ààlà yẹn ni ọ̀rọ̀ mi.

Àbúrò mi, Jẹ́ẹ́dé, ló ń dáko bàbá wa. Mo lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí tòmátò rẹ̀ ti so, tí èso náà kún ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀ ni oko ẹ̀pà Ìyá Àdìjátù wà. Ìyá yìí ni ìyàwó àbúrò bàbá wa. Nígbà tí ìyá tó bí wa kú, Jẹ́ẹ́dé kò tíì rìn. Ìyá Àdìjátù ń tọ́ Misturat, ọmọ tirẹ̀, lọ́wọ́, ló bá gba Jẹ́ẹ́dé náà, ó fi ọmú kan sẹ́nu ọ̀kan, ó fi ìkejì sẹ́nu èkejì. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé, ohunkóhun tí ẹni tó ń ro oko wa bá gbìn sí ebè tó kángun sí ààlà, ìyá ló ń já a fún ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un láṣẹ, kò sì sẹ́ni tó bi í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.

Kòkòrò wá wọ tòmátò, èyí tí wọ́n fi Ẹ̀bólà sọ lórúkọ nítorí bó ṣe ń pa oko run. Jẹ́ẹ́dé ra oògùn rẹ̀ ní Ṣakí. Gẹ̀ẹ́sì ló kún ara ìgò náà, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà.

Ìwé mẹ́fà ni Jẹ́ẹ́dé kà, ṣùgbọ́n ó ní fóònù. Ó gbé ìgò náà sórí àga, ó ya á ní fọ́tò, fóònù sì yí Gẹ̀ẹ́sì náà sí Yorùbá. Ó kà á sí mi létí. Bó ṣe dé ibi tí wọ́n ti ní kí èèyàn dúró kó tó kórè, ó tún un kà.

“Ọjọ́ mẹ́rin ló pè é, Bùrọ̀dá. Ẹ bá mi wo ara ìgò yìí.”

Mo wọ jígí mi. Ìgò náà rí róbótó, nọ́ńbà náà sì ti yí lọ sí ẹ̀gbẹ́. Kámẹ́rà rí mẹ́rin, kò rí ení tó wà níwájú rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Gẹ̀ẹ́sì lè ṣì mí lọ́nà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.”

Ó yí ìgò díẹ̀díẹ̀, ó ń ya apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì ń fi nọ́ńbà inú fóònù wé ti ara ìgò fúnra rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó sọ ọ́ sínú fóònù, tó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tòmátò wọn lórí Wáńsáàpù: “Ẹ̀yin èèyàn mi, oògùn yìí, mílílítà ọgbọ̀n ni sínú lítà mẹ́rìndínlógún omi. Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Bí ẹ bá fín in, kí ẹnikẹ́ni má wọ oko títí wákàtí mẹ́rìnlélógún fi pé. Tòmátò tí oògùn bà, ẹ ò gbọdọ̀ ká a títí ọjọ́ mẹ́rìnlá fi kọjá. Oògùn náà ṣì wà lára rẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ rí i.”

Kàdírì ló kọ́kọ́ dáhùn. Oko tirẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, òun náà ra oògùn kan náà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín sínú fóònù. “Ọ̀mọ̀wé Fóònù, a gbọ́. Bàbá mi kò ní mílílítà, ó sì jẹ tòmátò títí ó fi darúgbó. Ìdérí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí omi bá ti funfun, ó ti tó.”

“Bàbá ẹ kò fín oògùn,” Jẹ́ẹ́dé dá a lóhùn.

“Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí tòmátò ti di omi lóko? Oníbàárà Ìbàdàn á wá fi garawa gbé e.”

Jẹ́ẹ́dé gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá ife kékeré tó máa ń bá oògùn ikọ́ ọmọdé wá, èyí tí wọ́n fàlà sí lára. Ó fi bu oògùn kòkòrò dé àmì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀mejì sínú ẹ̀rọ ìfín-oògùn tí ó ń gba lítà mẹ́rìndínlógún. Ó so aṣọ mọ́ imú, ó wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, ó sì fín oko náà ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ó ní ife yẹn kò gbọdọ̀ padà wọnú ilé.

Ìgbà tó parí ló rántí ìyá.

Ó lọ sílé rẹ̀. Wọ́n ní ó ti lọ sí Ìsẹ́yìn, Misturat ló bímọ, wọ́n ò sì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Ìyá kò lo fóònù. Àwọn tó ń gba ọ̀nà oko yẹn kọjá pọ̀, ọmọdé wà nínú wọn, àwọn tó ń ṣa igi wà nínú wọn.

Mo ní kí ó kọ ọ́ sára pátákó.

“Ta ni yóò kà á?” ó bi mí. Ó ya àkísà pupa kan, ó so ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn, ó gbé e kọ́ orí igi kan lórí ebè ẹnu ààlà. “Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí. Wọn ò ní fọwọ́ kàn án.”

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ ààlè. Olè ni wọ́n ń fi lé.

Ìyá ti Ìsẹ́yìn dé nígbà tí ọjọ́ tí ìgò dá kò tíì pé. Ó lọ wo ẹ̀pà rẹ̀, ó sì fẹ́ já tòmátò díẹ̀ bó ṣe ń já a láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bá ààlè lórí ebè rẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó padà sílé.

Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a ti gbọ́ pé ó ti dé. Jẹ́ẹ́dé sáré lọ, mo tẹ̀ lé e. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀pà. Jẹ́ẹ́dé dọ̀bálẹ̀, ìyá kò ní kó dìde.

“Ìyá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo lé ààlè sí. Oògùn ni. Ẹ gbọ́.” Ó tẹ fóònù, ohùn ara rẹ̀ jáde, láti orí mílílítà títí dé ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ìyá gbọ́ ọ tán.

“Ó yé mi,” ó ní. “Fóònù ní kí o dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ṣé fóònù náà ló ní kí o gbé ṣùkù kọ́ sórí ebè mi?”

“Ìyá, mo wá síbí, ẹ ò sí nílé.”

“Mi ò sí nílé. Àwọn tó wà nílé ńkọ́? Ìwọ kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ fún mi? Gbogbo ẹni tó gba ọ̀nà yẹn kọjá ló ti rí ohun tí ọmọ tí mo fún lọ́mú fi pè mí.” Ó ju èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. “Kàdírì náà fín oògùn. Kò kọ́ nǹkan kan.”

“Kàdírì kò tẹ̀lé ìwé, Ìyá. Ọjọ́ kẹta ló ń ká a.”

“Kàdírì kò pè mí lólè.”

A lọ. Láti ọjọ́ yẹn, Jẹ́ẹ́dé ń lọ wo tòmátò rẹ̀ bí ẹni ń wo aláìsàn. Ó ń pọ́n, ó ń rọ̀, òmíràn ń já bọ́ sílẹ̀. Àwọn oníbàárà dé, wọ́n kó ti Kàdírì, wọ́n bi òun náà, ó ní kò tíì tó. Kàdírì kọjá lórí alùpùpù rẹ̀, ó fọn fèrè. “Ọ̀mọ̀wé, ṣé ìgò ti fọwọ́ sí i?”

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá kọjá, Jẹ́ẹ́dé tú àkísà náà fúnra rẹ̀, ó sun ún. Ibi ebè ẹnu ààlà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ó ṣa èyí tó dára jù, tí kò lábàwọ́n kankan, ó kún agbọ̀n. Kò tíì ta ẹyọ kan.

“Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá ìyá,” ó ní. “Bó bá rí i, inú rẹ̀ á rọ̀.”

Ìyá ń dáná nígbà tí a dé. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ará Kàdúná lọ́wọ́ mi. Ó wo agbọ̀n náà.

“Mo ti ra tèmi,” ó ní. “Ẹ jókòó, ẹ jẹun.”

Ó bu iyán, ó bu ọbẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ náà pupa, epo rẹ̀ léfòó, òórùn rẹ̀ ni mo sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn. Jẹ́ẹ́dé wò ó. N kò ní láti bi í ohun tó ń rò, nítorí tòmátò tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Kàdírì nìkan ló wà lọ́jà Tẹ̀dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ó wo agbọ̀n tirẹ̀. Ó tún wo ọbẹ̀.

“Kí ló ń wò?” ìyá bi mí, bí ẹni pé Jẹ́ẹ́dé kò sí níbẹ̀. “Àbí ó ti lé ààlè sí oúnjẹ mi náà?”

Mo mọ̀ pé bó bá kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wọn. Jẹ́ẹ́dé náà mọ̀. Ẹni tó yí ìgò títí tó fi rí ení tó sá pamọ́, tó fi ife oògùn ọmọdé wọn mílílítà, tó wo tòmátò rẹ̀ títí ó fi ń jẹrà, ó ṣan ọwọ́, ó gé òkèlè, ó sì tì í bọ ọbẹ̀ náà. Èmi náà jẹ. Ìyá jókòó tì wá, ó ń wo ọwọ́ Jẹ́ẹ́dé láti inú abọ́ dé ẹnu, kò sì gbójú kúrò títí abọ́ fi mọ́.

“Ó dáa,” ó ní. Ó kó abọ́. “Ẹ gbé agbọ̀n yín, oòrùn ti ń pa á.”

Jẹ́ẹ́dé gbé e. A gba ọ̀nà ilé lọ, títí a fi dé abẹ́ igi òrí.

“Ó dùn,” ó ní. “Ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì dùn bíi ti tẹ́lẹ̀.”

Mo padà sí Kàdúná. Wọ́n ní ó ṣì ń ya fọ́tò ara ìgò fún ẹgbẹ́ wọn, ó ṣì ń yí i títí nọ́ńbà yóò fi pé. Wọ́n ní kò gbin nǹkan kan sórí ebè ẹnu ààlà lọ́dún yìí. Koríko ló wà níbẹ̀.