Ìjọba Kan Náà Ni

Ẹ má sọ fún mi pé ẹni tó kú ti sinmi. Esaaba ò fẹ́ sinmi. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n la àyà òun, kí wọ́n tún ibi tó bàjẹ́ nínú ọkàn òun ṣe, kí òun padà sí Sekondi, ìlú wa ní Ghana, wá máa yan búrẹ́dì òun lọ. Ìyàwó àbúrò mi ni. Kweku Ainoo, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni àbúrò mi. Èmi ni Ekuwa, mo ń ránṣọ. Ẹnu mi mú, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, bó ṣe rí gan-an ni mo sì máa sọ ọ́.

Màámá Yí-i làwọn ọmọ àdúgbò ń pe Esaaba. Èrè búrẹ́dì rẹ̀ ló fi ń ra tíbíìlì, ìyẹn owó tí èèyàn ń yá ìjọba fún oṣù mẹ́ta: o máa san díẹ̀ lónìí, wọ́n á san odindi fún ọ lọ́jọ́ tó bá pé. Èmi àti ẹ̀ la jọ fọwọ́ sí ìwé báńkì náà, torí kò fẹ́ràn kí òun nìkan máa lọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti pé, a ó múra, a ó lọ bá Quaicoe ní báńkì, Quaicoe á ní, "Màámá, ṣé ká san án, àbí ká yí i?" Esaaba á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ bá mi yí i." Owó àti èlé á tún wọlé fún oṣù mẹ́ta mìíràn.

Owó kékeré nìyẹn o. Owó ńlá wà lọ́wọ́ Kweku. Owó tí wọ́n fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì ni, òun náà sì kó o sí tíbíìlì, torí pé owó iṣẹ́ abẹ Esaaba ni. Wọ́n ti dá oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ fún wa ní ilé ìwòsàn kan ní Accra.

Ọdún burúkú lọdún náà. Kéńkè, oúnjẹ àgbàdo wa, ń kéré sí i, owó rẹ̀ ń ga sí i. Èlé tíbíìlì ò lè bá ọ̀wọ́n gógó ọjà sáré dọ́gba, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí owó sùn sí àpò lọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ohun tí wọ́n máa fi sí ọkàn Esaaba, nítorí náà gbogbo ìgbà tí a bá pe ilé ìwòsàn ni wọ́n ń sọ iye tuntun. Kweku ò rí oorun sùn mọ́. Ìfẹ́ ló ń dà á láàmú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Oṣù kẹjọ ló wọlé tayọ̀tayọ̀. Ó ní òun ti gba owó tíbíìlì tó pé, òun ti fi ra bọ́ǹdì ọdún mẹ́ta, ìyẹn owó tí ìjọba ò ní dá padà àfi tí ọdún mẹ́ta bá pé.

"Èlé rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ló wí. "Ní oṣù kejì gan-an ni wọ́n máa san èlé àkọ́kọ́. Bí a bá sì fẹ́ owó wa, a ó tà á fún ẹlòmíràn. Quaicoe ní kò sí ọjọ́ tí èèyàn ò lè tà á."

Esaaba ń po ìyẹ̀fun. Kò gbójú sókè. "Èló ló fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

"Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ lórí díẹ̀..."

"Bàbá Ato, owó tí a ó ná lọ́dún tó ń bọ̀, kí ló lọ ń ṣe nínú ilé ọdún mẹ́ta?" Orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pe Kweku.

"Háà, ìwọ obìnrin yìí! Ta la yá tíbíìlì? Ìjọba. Ta la yá bọ́ǹdì? Ìjọba. Ìjọba kan náà ni!"

Mo ní, "Kweku, ẹni kan náà lè jẹ ọ́ ní gbèsè méjì, kó san ọ̀kan, kó fi èkejì ṣeré."

Ó ní kí n lọ máa ránṣọ mi. Mo lọ.

Oṣù Kérésì ni rédíò sọ ọ́. Ìjọba ò lè san gbèsè bí wọ́n ṣe ṣèlérí mọ́. Kí àwọn tó ní bọ́ǹdì kó o wá, àwọn á fún wọn ní òmíràn tó máa pẹ́ ju ìyẹn lọ, tí èlé rẹ̀ ò tó nǹkan. Wọn ò fọwọ́ kan tíbíìlì. Ẹ gbọ́ o: wọn ò fọwọ́ kan tíbíìlì!

Kweku sáré lọ báńkì láìwọ bàtà tó bára mu. Quaicoe, tí Kweku kọ́ ní kíláàsì nígbà kan rí, ò lè wò ó lójú. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́."

Kweku ò gbà kí wọ́n pààrọ̀ tiẹ̀. Ó bá àwọn arúgbó bíi tiẹ̀ lọ sí Accra, wọ́n gbé pátákó lọ́wọ́, wọ́n jókòó sínú oòrùn níwájú àwọn aláṣẹ. Àbúrò mi, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti má pariwo! Àwọn aláṣẹ ní àwọn á yọ àwọn arúgbó sílẹ̀, àwọn á san tiwọn. Ọ̀rọ̀ dé, owó ò dé. Èlé oṣù kejì ò wọlé. Ilé ìwòsàn fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ wa.

Kí oṣù kejì náà tó dé ni tíbíìlì kékeré ti pé. Wọ́n san án pérépéré. Mo ní kí a kó o lọ ilé ìwòsàn, mo sì ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan mọ́ ọn. Wọ́n ní bí a kò bá mú ìdajì wá, àwọn ò lè bẹ̀rẹ̀. Tiwa ò sún mọ́ ìdajì rárá.

Esaaba fi ọwọ́ kan ọwọ́ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ra ẹ̀rọ yín padà. Ẹ wá bá mi yí tèmi."

"Yí kí ni? Orí ẹ pé?"

"Ẹ̀yin náà mọ ẹbí wa. Alààyè kì í rí tọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, òkú ni wọ́n ń dá aṣọ fún. Mi ò fẹ́ kí Bàbá Ato yáwó sin mí."

Mo bú u. Mo bú u gan-an, mo sì ń sunkún. Lẹ́yìn náà mo lọ yí i.

Oṣù kẹta ló kú, ní òwúrọ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú ọpọ́n. Ẹbí pé jọ, gbogbo àwọn tí wọn ò fún wa ní kọ́bọ̀. Olórí ẹbí bèèrè ọjọ́ ìsìnkú. Èmi ni mo dáhùn: "Sátidé tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tí tíbíìlì rẹ̀ bá pé." Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sùn sínú òtútù ilé ìgbókùúpamọ́sí, tó ń dúró de ìjọba.

Ọjọ́ Ajé kan ló pé, ní ìparí oṣù kẹrin. Èmi àti Kweku wọ dúdú, a lọ báńkì. Owó ti dúró síbẹ̀, odindi, kò sí ìjà, kò sí pátákó. Kweku wò ó títí.

"Wọ́n san án," ló wí.

"Gbogbo ẹ̀."

"Owó pósí, wọ́n san án. Owó ọkàn rẹ̀..." Ó bo ojú. "Ìjọba kan náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ìjọba kan náà ni."

Mi ò bú u.

Quaicoe ti mú bírò. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, kò mọ̀ọ́mọ̀, ó sì ti sọ ọ́ jáde kó tó rántí: "Màámá, ṣé ká san án, àbí ká yí i?"

Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi, kí Esaaba lè dá a lóhùn.