Nọ́ńbà Kékeré, Ihò Ńlá

Mákindé kò tíì jókòó tán nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Nímọ́tà ní Ìlaró tó fi sọ fún un pé iṣẹ́ fọ́tò kò le. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ikùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe ejẹ́ǹtì ní Ìdí-Ìrókò, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, iṣẹ́ tán, ṣùgbọ́n ẹnu kò tán. Ó ti ra kámẹ́rà kan ní Kùtọnu kó tó di pé wọ́n ti ọ̀nà. Ó gbé e kọ́rùn báyìí, ó ní fọ́tò ni òun máa fi jẹun títí bọ́dà á fi ṣí.

"Màmá Habeebah," ó sọ fún Nímọ́tà, "ṣebí kéèyàn tẹ̀ ẹ́ náà ni. Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ yìí nìkan ni kí ẹ bá mi ṣàlàyé. Tèmi dé méjìlélógún. Tiyín ńkọ́?"

Nímọ́tà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Odidi ọdún mẹ́ta ni òun fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun kó tó jẹ́ kí òun fọwọ́ kan léǹsì. Èyí fẹ́ kọ́ ọ tán kí ìrẹsì tó jinná. Inú bí i, ẹ̀rín sì tún ń pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, ihò kan wà nínú léǹsì yín," ó ní. "Àwọn irin pẹlẹbẹ ló yí i ká, wọ́n lè fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì lè sún un kì. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó."

"Ó dáa. Méjìlélógún ló fẹ̀ jù nìyẹn."

"Òun ló kéré jù."

Mákindé rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ka ẹrù ní bọ́dà fún ogún ọdún ó lé, kò sí ẹni tó máa sọ fún òun pé méjìlélógún kéré sí méjì.

Nímọ́tà fa búrẹ́dì àárọ̀ rẹ̀ jáde láti abẹ́ tábìlì, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Tí ẹ bá pín eléyìí fún èèyàn méjì, ṣé ẹnìkọ̀ọ̀kan ò ní yó? Tí ẹ bá wá pín in fún èèyàn mẹ́rìndínlógún ńkọ́?"

"Wọ́n á kàn fi nu ẹnu ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ wò ó, wọ́n kọ àádọ́ta mìlímítà sára léǹsì yín. Ìyẹn ni búrẹ́dì. Tí ẹ bá yí nọ́ńbà sí méjì, ọ̀nà méjì lẹ pín in sí, ihò yín á fẹ̀ tó mìlímítà márùndínlọ́gbọ̀n. Tí ẹ bá yí i sí mẹ́rìndínlógún, ó fi díẹ̀ lé ní mẹ́ta péré. Nọ́ńbà kékeré, ihò ńlá. Nọ́ńbà ńlá, ihò kékeré."

Ó yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí kámẹ́rà náà, ó ń fi àwọn nọ́ńbà hàn án bí wọ́n ṣe ń kọjá: 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16, 22. Ó ní bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn yẹn, gbogbo ìgbà tó bá ti sún kan síwájú, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé máa dín sí ìdajì, tó bá sì sún un padà, á di ìlọ́po méjì. Ó ní 1.8 ni léǹsì Mákindé lè fẹ̀ dé, kò lè kọjá ibẹ̀.

"Tí ibi kan bá wá ṣókùnkùn," Mákindé ní, ojú rẹ̀ ti ń là, "nọ́ńbà kékeré."

"Nọ́ńbà kékeré."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Irọ́ ni. Kò tán, Nímọ́tà sì mọ̀ pé kò tán. Ó ku odidi apá kan tó yẹ kó sọ. Ihò tó fẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí àwòrán ti ń mọ́ kedere á wá tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí kámẹ́rà bá fojú sùn á mọ́ roro, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á di bàìbàì. Bí ihò bá ṣe kéré sí i ni ibi tó mọ́ náà á ṣe jìn sí i. Ìdí nìyẹn tí ayàfọ́tò kì í fi ya èrò tó tò ní ìlà mẹ́ta pẹ̀lú 1.8. Gbólóhùn méjì ni ọ̀rọ̀ náà. Nímọ́tà gbé gbólóhùn méjèèjì mì. Ó ti ń wo Mákindé lọ́kàn rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ajílété, tí bàbá ọmọ di fọ́tò mú, tó ń béèrè ibi tí ojú àwọn àna òun wọlé sí. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìyá Nímọ́tà ń gbé ní Ọjà-Ọ̀dàn, ọmọ méje ló sì bí. Mẹ́ta nínú wọn ń ṣòwò ní Pobẹ̀, lódìkejì bọ́dà, Abdulrasaq tó jẹ́ àkọ́bí sì ni olórí wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ọ̀nà pa ni wọn ò ti lè wá. Nígbà tó di oṣù Díṣẹ́ḿbà, tí ẹsẹ̀ ìyá ti wú, tí ọyẹ́ sì kó ikọ́ wọ̀ ọ́ láyà, ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ méjèèje yóò pé sí, kí òun tó lọ.

Ẹjọ́ Nímọ́tà gan-an ni ìyá ń rò. Látọjọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ yìí, kò sí fọ́tò ilé wọn kan tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn kámẹ́rà ló máa ń wà.

"Tí mo bá kú," ìyá ní, "àwọn èèyàn á máa wo fọ́tò, wọ́n á ní ọmọ mẹ́fà ni mo bí."

Nímọ́tà ní kámẹ́rà lè ya fọ́tò fúnra rẹ̀, kí òun tẹ̀ ẹ́, kí òun sì sáré wá dúró. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó rántí ọdún Iléyá kan tí Nímọ́tà ti dán bẹ́ẹ̀ wò, tó bọ́ sínú fọ́tò pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè àti ẹnu yíyà sílẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ sáré-wá-dúró lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹnìkan di kámẹ́rà mú, kí ọmọ òun dúró bí èèyàn. Ta ló sì wà ní àdúgbò yẹn tó mọ kámẹ́rà dì mú? Mákindé ni, ilé bàbá rẹ̀ kò ju ilé mẹ́ta lọ sí tiwọn.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀nà oko ni àwọn ará Pobẹ̀ gbà wọlé lórí ọ̀kadà. Àwọn ọlọ́kadà ní àwọn ò lè dúró pẹ́, pé kí oòrùn tó yí ni àwọn gbọ́dọ̀ ti gba igbó padà. Pálọ̀ ṣókùnkùn. Wọn ò lè gbé ìyá síta sínú ọyẹ́. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ sì dúró sí ẹ̀yìnkùlé bí òkúta, nítorí ìjọba ti ní wọn ò gbọdọ̀ já bẹntiróò sí ilé epo kankan tó bá sún mọ́ bọ́dà. Wọ́n ní kí àwọn fàyàwọ́ má baà gbé e kọjá ni. Àwọn fàyàwọ́ ń rí epo tiwọn o, ìyá arúgbó ni kò rí.

Nímọ́tà ṣe bí ọ̀gá. Ó gbé kámẹ́rà tirẹ̀, tí léǹsì rẹ̀ bá ti Mákindé dọ́gba, ka orí ẹsẹ̀ onírin mẹ́ta, ó yí nọ́ńbà sí mẹ́jọ. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ á wá pẹ́ díẹ̀ kó tó padé, láti fi rí ìmọ́lẹ̀ tó tó. Ìyá jókòó níwájú láàárín ọmọ méjì, mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn, Nímọ́tà àti Abdulrasaq ni yóò dúró lẹ́bàá ògiri.

"Ẹ kọ ojú kámẹ́rà sí àwọn tó wà láàárín," ó sọ fún Mákindé. "Ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́jọ?" Mákindé béèrè.

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ó lọ dúró. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé, ìyá rẹ̀ sì ń bojú wẹ̀yìn wò ó pé ṣé ó ti dúró lóòótọ́. Kámẹ́rà dún lẹ́ẹ̀mẹta, kà, kà, kà. Ọkàn Nímọ́tà sọ fún un pé ó yá jù, pé mẹ́jọ kì í dún báyìí nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ló ń rò lọ́wọ́, bóyá ó rẹ́rìn-ín tó. Ọ̀kadà fọn fèrè níta, àwọn ará Pobẹ̀ dìde, ẹkún àti àdúrà bo ilé, ó sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí eruku wọn ti rọlẹ̀ kó tó rántí kámẹ́rà.

Ó fẹ àwòrán náà sí i, ó wò ó. Ìyá mọ́ kedere, títí dé ilà ojú rẹ̀. Àwọn orí bẹ́ǹṣì ti ṣe bàìbàì. Àwọn méjì ìdí ògiri rí bí ẹni tí wọ́n fi omi nù lójú, ojú Nímọ́tà kò ní ìpéǹpéjú, kò ní ẹ̀rín. Ó wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. 1.8 ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Mo bá yín tún un ṣe," Mákindé ní lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Pálọ̀ ṣókùnkùn, ẹ wá gbàgbé ẹ sí mẹ́jọ. Mo rántí búrẹ́dì yẹn. Mo sì kọ ojú rẹ̀ sí Màmá, èèyàn ò lè fi ìyá sílẹ̀ kó máa fojú sun ọmọ."

Nímọ́tà yíjú sí i. Èébú ti pé sẹ́nu rẹ̀, èyí tó ti ń tọ́jú fún un láti ọjọ́ yìí. Ká ní mẹ́jọ yẹn ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀, ọ̀wọ̀ tó bù fún ìyá ìbá má fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ ní 1.8? Ó wá èébú náà tì, àfi èyí tó bá ara rẹ̀ mu.

"Gbé e wá," ìyá ní. Ó gba kámẹ́rà, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Mo rí ara mi dáadáa." Ó fi èékánná tẹ ìdí ògiri. "Ẹni ẹ̀yìn yìí ńkọ́? Ta ni?"

Ìyá tún wò ó pẹ́, ó gbé e lélẹ̀ sórí itan, ó ń ka iye ọmọ rẹ̀ lórí ìka.

Nímọ́tà fa àga kan síwájú Mákindé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," ó ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ó ku ìdajì kan tí mi ò sọ fún yín."