Ìdá Mẹ́sàn-án Tó Wà Nísàlẹ̀

Dókítà ti ṣí bírò rẹ̀ láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda iṣẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ka ìwé àbọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà dé ìdajì. Obìnrin tó ni fọ́ọ̀mù jókòó ní ìkọjú sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Òkè ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló ń wa kireni tó ń gbé irin lọ sókè ilé alájà. Láìsí fọ́ọ̀mù yẹn, kò ní lè gun kireni lọ́la.

“Ìdá méjìléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ni ṣúgà yín fi wà níbi tó yẹ,” dókítà wí. “Àádọ́rin là ń wá. Ẹ kú iṣẹ́.”

Nọ́ọ̀sì ka ìyókù ìwé náà. Ìdá mọ́kàndínlógún wà lókè, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́sàn-án wà nísàlẹ̀, níbi tí ṣúgà ti kéré jù, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló yẹ kó má kọjá. Ìdíwọ̀n bí ṣúgà ṣe ń fò sókè sódò jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Mẹ́rìndínlógójì ni ààlà rẹ̀. Nínú àwòrán ṣúgà ọjọ́ mẹ́rìnlá tó wà nínú ìwé náà, ìlà àárín tẹ́jú, àmọ́ àwọ̀ tó yí i ká ya ẹnu gbàgà ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ó sì kan ìsàlẹ̀.

Ta ni yóò bá ọ̀gá ẹni wí lójú aláìsàn? Síbẹ̀, nọ́ọ̀sì gbé ìwé náà síwájú dókítà. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ yìí.”

Dókítà wo ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì yíjú sí obìnrin náà. “Màmá, kí lẹ máa ń jẹ láàárọ̀?”

“Mo máa ń gún abẹ́rẹ́ ṣúgà mi pé. Oúnjẹ ni mi ò kì í jẹ tán. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lókè, ọmọ mi. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, mo máa jẹ àjẹtúnjẹ.”

“Ẹ̀rọ ṣúgà tó wà lápá yín kì í dún tí ó bá já ni?”

“Mo pa ariwo rẹ̀. Irin ń bẹ lókè orí àwọn ènìyàn, mi ò fẹ́ ìdààmú.”

“Ẹ jẹ́ ká wo iye tó fi ránṣẹ́ sí fóònù yín.”

Méjìdínlọ́gọ́ta ni ṣúgà rẹ̀, ó ti kéré jù, ọfà sì dojú kọ ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún un níka kó lè dá a lójú: mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Agogo mẹ́wàá àbọ̀ ni.

“Ara mi dá ṣáká,” Ìyá Òkè wí.

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn,” ni nọ́ọ̀sì fèsì, ó ti ń ṣí júùsì fún un láti mu. Ara tí kò mọ ìgbà tí ṣúgà já kì í kìlọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gùn bí ọdún. Ó tún gún un níka: mọ́kànlélọ́gọ́rin. Dókítà dé bírò rẹ̀, ó dín abẹ́rẹ́ àárọ̀ kù, ó ní kí fọ́ọ̀mù ṣì dúró. Ìyá Òkè bínú lọ. Kò dágbére fún nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó padà wá. Ìdá tó wà níbi tó yẹ ti wálẹ̀ sí mọ́kàndínláàádọ́rin, ti ìsàlẹ̀ ku méjì, fífò sókè sódò di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

“Ó ti já o,” ó wí, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

“Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Màmá, torí ti ìsàlẹ̀ ló léwu jù,” nọ́ọ̀sì wí, ó sì sún àga mọ́ ọn láti fi hàn án.